Owó oṣù ₦150,000, ìnáwó ₦165,000: bí a ṣe ń kọ owó oṣù sínú ìwé ìṣirò

Iye tí ó jáde ní báńkì lọ́jọ́ tí a sanwó oṣù kì í ṣe iye tí ilé-iṣẹ́ ná lórí òṣìṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fi ìwé báńkì nìkan kọ ìṣirò yóò kọ owó tí ó dín, yóò sì gbàgbé gbèsè tí ó ti wọ ilé-iṣẹ́ lọ́rùn kí oṣù tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, tí ó ní òṣìṣẹ́ méjìdínlógún. Iye òṣìṣẹ́ yìí ṣe kókó, nítorí òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti máa dá owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí ó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ń gba ₦150,000 lóṣù: ₦75,000 jẹ́ owó ìpìlẹ̀, ₦45,000 jẹ́ owó ilé, ₦30,000 sì jẹ́ owó ọkọ̀. Apẹ̀tẹ̀ ni ó ń gbé, ₦300,000 ni ó sì ń san fún onílé lọ́dún.

Owó ìfẹ̀yìntì ni a kọ́kọ́ ń ṣírò. Ó kéré tán, àròpọ̀ owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe é. Òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe ₦12,000. Agbanisíṣẹ́ yóò dá ìdá 10, èyí tí í ṣe ₦15,000. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù lọ. Inú ₦150,000 tí òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ fún ni ₦12,000 ti jáde, nítorí náà kò fi kọ́bọ̀ kan kún ìnáwó ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àpò agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ₦15,000 ti ń wá, orí owó oṣù ni ó sì ń gùn. Bí òṣìṣẹ́ bá rí ₦27,000 lódindi nínú ohun tí wọ́n yọ lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, a jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ti di ẹrù tirẹ̀ lé e lórí, òfin kò sì gba bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni owó orí. Òfin owó orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ fún owó orí lọ́dún, ó sì ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e. Kí a tó dé ibẹ̀, a ó kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ dá, a ó sì yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ó ń san fún onílé, èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá ₦500,000. Owó ọdún òṣìṣẹ́ wa jẹ́ ₦1,800,000. Tí a bá yọ ₦144,000 ìfẹ̀yìntì àti ₦60,000 ti owó ilé kúrò, ó ku ₦1,596,000. Tí a bá tún yọ ₦800,000 tí a kì í gba nǹkan lórí rẹ̀, ó ku ₦796,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦119,400 lọ́dún, ìyẹn ₦9,950 lóṣù. Ẹni tí ó bá ṣírò owó orí láìkọ́kọ́ yọ ìfẹ̀yìntì yóò gba ₦11,750, yóò sì máa fi ₦1,800 rẹ́ òṣìṣẹ́ náà jẹ lóṣooṣù láìmọ̀.

Ohun tí òṣìṣẹ́ yóò mú relé ni ₦128,050. Ní ọjọ́ tí a bá ṣírò owó oṣù Keje, kí kọ́bọ̀ kan tó kúrò ní báńkì, báyìí ni a ó ti kọ ọ́ sínú ìwé:

Ọwọ́ òsì:
Ìnáwó owó oṣù, ₦150,000
Ìnáwó ìfẹ̀yìntì, ìpín agbanisíṣẹ́, ₦15,000

Ọwọ́ ọ̀tún:
Gbèsè owó orí, ₦9,950
Gbèsè ìfẹ̀yìntì, ₦27,000
Gbèsè owó àmúrelé òṣìṣẹ́, ₦128,050

Ọwọ́ méjèèjì jẹ́ ₦165,000. Kò sí owó orí lọ́wọ́ òsì, nítorí òṣìṣẹ́ ni ó ni ìnáwó yẹn. Ilé-iṣẹ́ kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Ìpín méjèèjì ìfẹ̀yìntì sì pàdé nínú gbèsè kan ṣoṣo, nítorí pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ.

Sísan owó kò tún fi nǹkan kan kún ìnáwó mọ́: ọwọ́ òsì ojú ìwé gbèsè ni a ń kọ ọ́ sí, kí ó lè pa ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ́. Bí a bá sanwó oṣù ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2026, gbèsè àmúrelé yóò parẹ́, owó báńkì yóò sì dín ní ₦128,050. Ọjọ́ iṣẹ́ méje ni òfin fi sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì, nítorí náà ₦27,000 gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú owó náà títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ. Owó orí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ tó kọjá. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni a ń wò: ká ní Èkó ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni yóò ṣì gba owó orí ẹni tí ń gbé ní Apẹ̀tẹ̀.

Àárín ọjọ́ wọ̀nyí ni ewu wà. Bí akọ̀wé bá ti kọ ₦128,050 tí ó rí ní báńkì gẹ́gẹ́ bí ìnáwó owó oṣù, ìwé ìparí oṣù Keje kò ní fi hàn pé ₦36,950 ṣì wà nílẹ̀ láti san lórí òṣìṣẹ́ kan yìí. Ká ní àwọn méjìdínlógún ń gba iye kan náà, ₦665,100 ni. Ọ̀gá yóò wo báńkì, yóò rò pé owó wà, yóò sì fi ra bébà àti íńkì, nígbà tí ó jẹ́ pé owó òṣìṣẹ́ àti ti ìjọba ni apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá wá pẹ́, ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a kò san ni yóò máa gun orí rẹ̀ lóṣooṣù.

Ojú ìwé gbèsè ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tí àṣìṣe wà. Lẹ́yìn ọjọ́ 6, òdo ni ó yẹ kí ó kù níbẹ̀. Bí ₦15,000 bá kù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìpín òṣìṣẹ́ nìkan ni a fi ránṣẹ́. Bí ₦15,000 bá wà lọ́wọ́ òsì, a fi gbogbo owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n a kò kọ ìpín agbanisíṣẹ́ sílẹ̀ rárá, ìnáwó oṣù náà sì dín ní iye yẹn.

Òdo yìí náà ní ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ. Ó fi hàn pé owó jáde. Kò fi hàn pé ó dé àpò ẹni tí ó ni í. Àkọsílẹ̀ tí ó ní orúkọ, nọ́ḿbà ìfẹ̀yìntì àti ìpín méjèèjì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá owó náà lọ, nítorí bí a bá ṣi nọ́ḿbà kọ, owó lè dúró láìmọ olówó. Nítorí náà, kí akọ̀wé tó ti ìwé oṣù Keje pa, kí ó ní kí òṣìṣẹ́ náà wo àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bóyá ₦27,000 ti wọlé síbẹ̀.