Ìdajì owó oṣooṣù kì í sọ gbèsè di ìlọ́po méjì oṣù

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń yáwó, àwọn kan tó ń yá wọn lówó pàápàá sì gbà á gbọ́: bí owó tí èèyàn ń san lóṣù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó dín in kù sí ìdajì, ìlọ́po méjì àkókò náà ni yóò kàn fi san gbèsè ọ̀hún. Ẹni tí ìbá fi nǹkan bí ọdún kan san án yóò wá fi ọdún méjì san án. Ó dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ irọ́ ni, ó sì ti sọ gbèsè tó yẹ kó tán di èyí tí kò lè tán láé.

A mọ ibi tí èrò náà ti wá. Nínú èésú àti àjọ, kò sí èlé. Bí ẹ bá fẹ́ kó ₦1,000,000 jọ, tí ẹ ń dá ₦50,000 lóṣù, oṣù 20 ni. Bó bá jẹ́ ₦25,000, oṣù 40 ni. Pínpín lásán ló tó níbẹ̀. Ohun tí a fi ń ṣírò àjọ yìí la gbé lọ síbi owó èlé, ibẹ̀ ni kò sì ti bá a mu.

Ká mú aránṣọ kan tó yá ₦1,000,000 láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Èlé rẹ̀ jẹ́ 3% lóṣù, orí gbèsè tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n sì ti ń ṣírò rẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, èlé jẹ́ ₦30,000. Bó bá san ₦100,000, èlé á gba tirẹ̀, ₦70,000 á sì lọ sórí gbèsè fúnra rẹ̀. Bó bá san ₦50,000, èlé ṣì máa gba ₦30,000 kan náà, ₦20,000 péré ló máa kan gbèsè. Ẹ wò ó dáadáa: ìdajì ni owó tó ń san fi dín, ṣùgbọ́n èyí tó ń dín gbèsè kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan lè wá pín ₦1,000,000 sí ọ̀nà ₦20,000, kó ní oṣù 50 ni. Ìyẹn náà kò tọ̀nà, torí pé bí gbèsè ṣe ń dín kù ni èlé ń dín kù. Ní oṣù kejì, gbèsè ti di ₦980,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦29,400, nítorí náà ₦20,600 ló máa kan gbèsè. Ní oṣù kẹta, ₦21,218 ni. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe ń gòkè: 20,000, 20,600, 21,218. Apá tó ń jẹ gbèsè ń fi 3% lé sí i lóṣooṣù, yóò sì máa lé bẹ́ẹ̀ títí tí èlé kò fi ní rí nǹkan gbà mọ́, tí gbogbo ₦50,000 á fi jẹ́ ti gbèsè. Ìgbà yẹn ni gbèsè tán.

Ìbéèrè náà wá di ẹyọ kan: ìgbà mélòó ni ₦20,000 máa fi 3% lé kó tó di ₦50,000? Ìyẹn ni pé, ìgbà mélòó ni a máa fi 1.03 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó di 2.5? Iye ìgbà yìí gan-an ni lọ́ọ̀gì ń wá jáde. Bí a bá pe owó tí a yá ní P, owó oṣooṣù ní M, èlé oṣù kan ní i, iye oṣù ní n, a ó kọ ọ́ báyìí:

```
n = log( M / (M - P*i) ) / log(1 + i)
```

Lọ́ọ̀gì 2.5 jẹ́ 0.39794, ti 1.03 jẹ́ 0.012837. Ẹ fi èkejì pín èkíní, yóò fún yín ní 30.999, ìyẹn oṣù 31. Ti ₦100,000 ńkọ́? 100,000 tí a fi 70,000 pín jẹ́ 1.42857, lọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ 0.154902, èsì sì jẹ́ 12.07. Oṣù méjìlá àti díẹ̀ di 31, kò dúró síbi 24 tí gbogbo èèyàn ń fọkàn sí. Ní ti owó, ẹni tó san ₦100,000 á san èlé tó tó ₦207,000 lápapọ̀, ẹni tó san ₦50,000 á san nǹkan bí ₦550,000.

Ẹ má ṣe ro pé 0.07 tó wà lẹ́yìn 12 yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn tó bá san ₦100,000 nígbà 12, gbèsè á ku ₦6,558. Ní oṣù kẹtàlá, pẹ̀lú èlé, yóò san ₦6,755 kó tó bọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún gígé nọ́ńbà kúrú. Bí ẹ bá lo tábìlì lọ́ọ̀gì onínọ́ńbà mẹ́rin tí a lò nílé ìwé girama, 0.0128 ni ẹ máa rí fún 1.03, èsì yín á di 31.09, ẹ ó sì rò pé oṣù 32 ni. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe bíńtín nínú rẹ̀ fi ń yí èsì padà.

Bí aránṣọ yìí bá wá tún un dín sí ìdajì, tó ń san ₦25,000 ńkọ́? Èlé ₦30,000 ti ju owó tó mú wá lọ. Apá tó yẹ kó jẹ gbèsè di ₦5,000 lábẹ́ òdo, 25,000 tí a fi -5,000 pín jẹ́ -5, kò sì sí iye ìgbà tí a lè fi sọ 1.03 di púpọ̀ tó máa di -5. Ẹ̀rọ ìṣirò á kọ àṣìṣe. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ yẹn: kò sí oṣù tí gbèsè náà máa tán. Lẹ́yìn ọdún kan, obìnrin yìí á ti san ₦300,000, síbẹ̀ á jẹ nǹkan bí ₦1,070,960, èyí tó ju iye tó yá lọ. Nínú Excel, ìṣirò kan náà ni:

```
=NPER(0.03, -50000, 1000000)
```

Ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú owó tó ń jáde lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, èsì á jẹ́ -15.9, oṣù tí kò sí láyé. Bí owó oṣooṣù kò bá ká èlé, `#NUM!` ni ẹ máa rí.

Ní ti owó tí a ń tọ́jú, èlé ń ṣe iṣẹ́ tiwa, nítorí náà òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Ká ní èlé 1% lóṣù ni, tí a fẹ́ kó ₦1,000,000 jọ. Dípò ká yọ èlé kúrò lára M, a ó fi èlé ₦1,000,000, ìyẹn ₦10,000, kún un, a ó sì fi M pín àròpọ̀ náà, lẹ́yìn náà a ó fi lọ́ọ̀gì 1.01 pín lọ́ọ̀gì èsì rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ₦20,000 ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan ní 1.5, oṣù 41 ni. Ẹni tó ń tọ́jú ₦10,000 ní 2, oṣù 70 ni, kò dé 82.

Gbogbo èyí dúró lórí èlé tó ń tẹ̀lé gbèsè tó ṣẹ́kù. Àwọn ayánilówó kan máa ń gba èlé lórí iye tí ẹ kọ́kọ́ yá títí dé òpin, bí ẹ ti san tó kò kàn wọ́n. Níbẹ̀, pínpín lásán tó: ₦20,000 ló ń kan gbèsè lóṣooṣù, oṣù 50 ni. Ìwé owó oṣù kejì ló máa fi hàn yín. Bí èlé orí rẹ̀ bá jẹ́ ₦29,400, lọ́ọ̀gì ni kí ẹ lò. Bó bá ṣì jẹ́ ₦30,000, ẹ wádìí lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó san ti oṣù kẹta.