Ta ni yóò kó pàǹtí? Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tó ń tú ìwé ìkéde káńsù sí Yorùbá

Ẹ̀yin akọ̀wé káńsù, àti ẹ̀yin tó ń bá wọn tẹ̀wé, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ó ti sú mi. Ìwé ìkéde tí ẹ ń gbé wá kí n tún ṣe lẹ́yìn tó ti dá ìjà sílẹ̀ ti pọ̀ jù, àṣìṣe kan náà ló sì ń wà nínú wọn. N kò ní fọwọ́ kan àmì ohùn lónìí. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó má gbowó ògbufọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ẹni tí gbólóhùn gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́.

Òyìnbó lè pàṣẹ láìdárúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́. Ó lè mẹ́nu ba pàǹtí, àpò àti ọjọ́, kó má sì sí ènìyàn kankan nínú gbólóhùn náà. Yorùbá kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti ní "kó", ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ṣáájú "kó". Bí akọ̀wé bá wá ẹni náà títí tí kò rí i, "a" ló máa ń mú dí àlàfo: "a óò kó", "a gbọ́dọ̀ san". Nínú òwe, "a" yìí kò lẹ́bi, nítorí bí a bá ní "a kì í", gbogbo ayé ni à ń bá wí. Ṣùgbọ́n lórí ìwé tí òǹtẹ̀ káńsù wà, tí alága tàbí akọ̀wé àgbà fọwọ́ sí, "a" ti di káńsù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kà á yóò ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tí èyí dá sílẹ̀ ní ọjà kan ní Rẹ́mọ. Káńsù kọ ìwé lédè òyìnbó lórí pàǹtí, wọ́n sì gbé e fún ọmọ kan tó ń tẹ̀wé kó tú u. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà nìyí:

"Ó ti wá sí àkíyèsí ọ́fíìsì yìí pé ìdànù àìbójúmu ti pàǹtí ń wáyé. Nítorí náà gbogbo pàǹtí ni a óò kó sínú àpò, tí a óò sì gbé lọ sí ibi ìkójọ ní tàbí ṣáájú ọjọ́ Ẹtì. Ìkùnà láti tẹ̀lé àṣẹ yìí yóò fa títì ìsọ̀."

Àwọn ìyá ọlọ́jà ní kí ọmọ ilé ìwé kan kà á fún wọn. Wọ́n gbọ́ "a óò kó", wọ́n gbọ́ "a óò gbé lọ", inú wọn dùn. Kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, ka ọjà àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n gbálẹ̀ ìsọ̀ wọn, wọ́n kó pàǹtí gọ́tà jáde, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ síwájú ìsọ̀, wọ́n sì ń retí ọkọ̀ káńsù. Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, òṣìṣẹ́ káńsù ló dé, àgádágodo ló sì mú wá. Wọ́n ti ìsọ̀ pa lọ́tùn-ún lósì, gàrí àti èlùbọ́ wà nínú, tòmátì ń jẹrà. Ìyá kan tó ń ta gàrí sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ óò kó o. Àwa kó o jáde fún yín, ẹ tún wá tìsọ̀ mọ́ wa." Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ. Ohun tó gbọ́ nínú ìwé ló ṣe. Títì náà kò sì tú títí Ìyálọ́jà fi lọ bẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ tòmátì tó ti jẹrà kò ní olówó. Ẹni tó tú ìwé náà ti gba owó tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe yẹ kí ìwé náà rí rèé:

"Ẹ̀yin ọlọ́jà wa, a rí i pé àwọn kan ń da pàǹtí sílẹ̀ káàkiri ọjà. Kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan kó pàǹtí ìsọ̀ rẹ̀ sínú àpò, kó dì í lẹ́nu, kó sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí jọ sí lẹ́nu géètì ọjà. Káńsù yóò wá fi ọkọ̀ kó o níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni òpin rẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ṣú tí ẹnì kan kò tíì kó tirẹ̀, káńsù yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa."

Ẹ ò rí i pé "ìdànù àìbójúmu" ti di "ń da pàǹtí sílẹ̀ káàkiri"? Òyìnbó ìwé ìjọba fẹ́ràn kó máa to orúkọ lé orúkọ. Kó, dì, gbé lọ ni tiwa, ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń tẹ̀ lé ara wọn bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ẹ sì wo "káńsù yóò wá fi ọkọ̀ kó o". Ìlà yẹn kò sí nínú òyìnbó rẹ̀ rárá. Mo bi káńsù kí n tó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ń dá ìjà sílẹ̀. "Kí ọjọ́ Ẹtì tó dé" ti yọ Ẹtì kúrò, bẹ́ẹ̀ òyìnbó rẹ̀ kà á mọ́ ọn. Èyí tó tún burú ni "láàárín ọjọ́ márùn-ún". Bí àgbàlagbà bá gbọ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́jọ́ Ajé, Ajé ni yóò kọ́kọ́ kà, yóò sì dúró lórí Ẹtì. Ọ́fíìsì yóò bẹ̀rẹ̀ láti Ìṣẹ́gun, yóò parí sí Àbámẹ́ta. Bí àgbàlagbà yẹn ṣe kà á ni a ṣe ń ka ọjà ọrọọrún náà: ọjọ́ mẹ́rin ni lójú òyìnbó, ṣùgbọ́n àwa ka ọjọ́ ọjà tòní àti tọjọ́ tó ń bọ̀ pọ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ iye ọjọ́. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà, kí ẹ sì kọ déètì rẹ̀ ní nọ́ńbà.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé tí mo bá tún gbólóhùn òyìnbó tò, òfin inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Irọ́ ni, ìgbàgbọ́ asán sì ni. Ohun tí òfin mú dání ni ẹni tí yóò ṣe é, ohun tí yóò ṣe, ìgbà tí yóò ṣe é, àti ìyà tó wà níbẹ̀. Iye owó, déètì, nọ́ńbà abala òfin àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, èmi náà kì í yí wọn padà. Àwọn mìíràn sì rò pé Yorùbá ìjọba gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní gbọ́ ọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, ṣùgbọ́n ìwé tó máa ti ìsọ̀ ènìyàn pa kò gbọdọ̀ jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó gbé ìwé jáde, ẹ wá ẹni tí kò tíì rí òyìnbó rẹ̀, ìyá ọlọ́jà ló dára jù. Ẹ kà á sí i létí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bi í bóyá ó yé e, nítorí yóò ní ó yé òun. Ẹ ní, "Ìyá, ta ni wọ́n ní kó kó o? Ibo ni yóò gbé e sí? Ọjọ́ wo ni òpin rẹ̀?" Bí ó bá ní káńsù ni yóò wá kó o nínú ìsọ̀, ẹ padà sídìí gbólóhùn yẹn.

Bí ẹ bá sì padà síbẹ̀ tí ẹ kò rí ẹni náà nínú òyìnbó, ẹ má méfò. Ẹ lọ bá ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ bi í. Mo ti rí i tí ẹni tó fọwọ́ sí i gan-an dákẹ́, tó ní kí n fún òun ní àyè kí òun lọ béèrè, tó sì jẹ́ pé òyìnbó rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tún kọ.