Jẹ́ẹ̀lì Ọwọ́ Kì í Pa Sí-dífù

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mìíràn sì ń lọ kí bàbá tàbí ìyá wọn ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà ni ìgò jẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọtí pa kòkòrò ọwọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ra ọwọ́, ó gbẹ, ó parí. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kan ti wọlé, pé ọwọ́ tí jẹ́ẹ̀lì bá ti kàn ti mọ́ pátápátá. Fún kòkòrò ọ̀fìnkìn, àti fún ọ̀pọ̀ bakitéríà tó ń ba ojú egbò jẹ́, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́. Fún kòkòrò tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ń pè ní Sí-dífù, irọ́ gbáà ni.

Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ ni Kilositirídíódísì Difísílè. Inú ìfun ńlá ló ń gbé, ó sì kórìíra afẹ́fẹ́. Tó bá bá ìgbẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ á pa èyí tó ṣì wà láàyè nínú rẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti di kóró, wọ́n á ti ká ara wọn jọ sínú èèpo bí ọmọ èkùrọ́ ṣe ń wà nínú èèpo líle rẹ̀. Kóró yìí kì í jẹun, kì í bí sí i, kì í sì í tètè kú. Ó lè wà lára irin bẹ́ẹ̀dì tàbí lábẹ́ ìjókòó kọ́múòdù fún oṣù mélòó kan. Ọtí inú jẹ́ẹ̀lì kò rí èèpo náà gbà kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù mọ èyí débi pé, tí wọ́n bá fẹ́ mú Sí-dífù hù jáde láti inú ìgbẹ́, ọtí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dà sí i: àwọn kòkòrò yòókù á kú, kóró Sí-dífù á ṣẹ́kù. Ohun tí láàbù fi ń dá a sí, òun náà là ń retí pé kó pa á lọ́wọ́ wa.

Ọṣẹ náà kò pa á o. Ohun tí ọṣẹ àti omi ń ṣe ni pé wọ́n ń ṣí kóró náà nílẹ̀ lára awọ, omi tó ń ṣàn á sì gbé e lọ. Nítorí náà, bí èèyàn ṣe fọwọ́ ló ṣe pàtàkì: àárín ìka, orí ìka, àtàǹpàkò tí gbogbo wa máa ń gbàgbé, títí dé ọrùn ọwọ́, lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ náà kò bọ́ nínú rẹ̀, torí ìgbà tá a bá ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ni kóró máa ń sún mọ́ awọ jù.

Báwo ni kóró ṣe wá ń di àìsàn? Ẹnu ló ń gbà wọlé. Omi kíkan inú ikùn kò rí i ṣe, ó kọjá lọ sínú ìfun. Nínú ìfun ẹni tí ara rẹ̀ dá, àwọn bakitéríà tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní jẹ́ kó ráyè, ó sì lè kọjá lọ láìṣe nǹkan kan. Áńtíbáyọ́tíìkì ló ń tú ìlú náà ká. Ó ń pa kòkòrò àyà tàbí ti ìtọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ fún wa, ó sì ń pa àwọn onílé inú ìfun pẹ̀lú wọn. Ìgbà yẹn ni kóró á jí, tí yóò máa bí sí i, tí yóò sì máa tú májèlé méjì sílẹ̀ tó ń bó awọ inú ìfun. Àwọn áńtíbáyọ́tíìkì tí ẹ̀sùn yìí pọ̀ lọ́rùn wọn jù ni kílíńdámáísìn, àwọn ẹbí sẹfalosipórínì, Sípírò, àti èyí tá a mọ̀ sí Ọ́gúmẹ́ńtìn.

Nílé wa, tí ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ olómi, wọ́n á ní oògùn ń fọ inú rẹ̀ mọ́ ni. Kò fọ nǹkan kan. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru tó ń tẹ̀lé áńtíbáyọ́tíìkì kì í ṣe ti Sí-dífù, ó sì máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí oògùn bá parí. Àmọ́ ojú lásán kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá ẹni ọdún 78 kan ṣe àpẹẹrẹ. Àyà ló gbé e dé ọsibítù, wọ́n ń fún un ní Ọ́gúmẹ́ńtìn, ó sì ti ń lo oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù láti ọjọ́ pípẹ́, irú èyí tí wọ́n ti rí i pé Sí-dífù máa ń pọ̀ lára àwọn tó ń lò ó. Yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó lọ sórí kọ́múòdù lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọ̀sán tó pọ́n, omi lásán sì ni. Olùtọ́jú tó ràn án lọ́wọ́ jáde, ó fi jẹ́ẹ̀lì ra ọwọ́, ó sì fẹ́ lọ bu oúnjẹ fún bẹ́ẹ̀dì kejì. Nọ́ọ̀sì àgbà dá a dúró.

“Ṣé o ti fọwọ́?”

“Mo ti fi jẹ́ẹ̀lì pa á, Àǹtí.”

“Mi ò bi ọ́ ní jẹ́ẹ̀lì. Síńkì nìyẹn.”

Nọ́ọ̀sì yìí kò dúró de láàbù, òun ló sì tọ̀nà. Ó yẹ ìwé oògùn wò, bóyá ẹnì kan ti fún bàbá ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, kò sí. Láàárín wákàtí méjì, wọ́n ti gbé bàbá lọ sí yàrá tirẹ̀ nìkan, pẹ̀lú ilé ìgbẹ́ tirẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti épúrọ́ọ̀nù ni ẹni tó bá fẹ́ wọlé á wọ̀. Wọ́n bu ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ike lọ sí láàbù lọ́jọ́ náà. Ìgbẹ́ tó ń ṣàn tẹ̀lé ike nìkan ni láàbù fẹ́. Ìgbẹ́ tó dì kò ní í ṣe pẹ̀lú àyẹ̀wò yìí. Dókítà náà tún Ọ́gúmẹ́ńtìn wò, ó rí i pé àyà ti gbádùn, ó sì dá a dúró. Kò fún bàbá ní Ìmódíọ́mù tó ń dá ìgbẹ́ dúró, torí ìfun tó kún fún májèlé kò yẹ ní dídí.

Ní láàbù, ìpele méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé àyẹ̀wò gbà. Àkọ́kọ́ ń wá èròjà kan tí gbogbo Sí-dífù ń ṣe, tí wọ́n ń kọ sórí èsì ní GDH. Tí kò bá sí, wọ́n á wá ohun mìíràn tó ń yọ aláìsàn lẹ́nu. Tó bá wà, wọ́n á wá májèlé fúnra rẹ̀. Tí méjèèjì bá wà, àìsàn náà ti dé. Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni kí GDH wà kí májèlé má sí. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kòkòrò wà nínú ìfun ẹni náà, ó sì ṣeé ṣe kó máa tú kóró dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ òun ló fa ìgbẹ́ gbuuru. Wọn kì í sáré fún un lóògùn. Yàrá tirẹ̀ ni wọn kì í gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń yàgbẹ́ olómi.

Ti bàbá wa, méjèèjì ló wà. Fáńkómáísìn ni wọ́n kọ fún un: mílígíráàmù 125, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọjọ́ 10, ní gbígbé mì. Ara kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa oògùn yìí mu láti inú ìfun, ohun tá a sì ń wá gan-an nìyẹn, torí inú ìfun ni ogun wà. Tí wọ́n bá fà á sí iṣan, kò ní dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ Fílájìlì á béèrè ìdí tí wọn kò fi lò ó. Wọ́n ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún fún èyí tí kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n fáńkómáísìn ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ, nígbà tó sì di ọdún 2021, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ kúrò nípò àkọ́kọ́. Wọ́n ṣì máa ń fa Fílájìlì sí iṣan láti fi ti fáńkómáísìn lẹ́yìn nígbà tí àìsàn náà bá ti fẹ́ gbẹ̀mí.

Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, ìgbẹ́ bàbá ti dì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Wọn ò ṣe é. Kóró ṣì lè máa bá ìgbẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí ara ti yá, àyẹ̀wò sì lè sọ pé ó wà nígbà tí aláìsàn ti gbádùn. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń wò: ó gbọ́dọ̀ pé wákàtí 48 tí kò ti sí ìgbẹ́ gbuuru kí wọ́n tó gbé e kúrò ní yàrá náà.

Iṣẹ́ yàrá náà wá kù. Aṣọ ìnulẹ̀ tí wọ́n fi ọtí rin kò wúlò níbí, ọṣẹ nìkan sì lè kàn máa pín kóró kiri. Kilorííní ló ń pa á, ní ìwọ̀n 1,000 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ìdọ̀tí kúrò, torí ìgbẹ́ máa ń pa agbára kilorííní, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó rin ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ mọ bí wọ́ọ̀dù kan ṣe ń ṣe ìmọ́tótó, kọ́múòdù ni mo máa ń dorí rẹ̀ kodò. Òkè á máa dán. Ìsàlẹ̀ ìjókòó àti ibi ìgbáralé ọwọ́ ló ń sọ òótọ́.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá ya aláìsàn sọ́tọ̀ ti wà ní àkọsílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Sítóòkì Máńdẹ́fìlì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 2003 sí 2005, Sí-dífù jà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwádìí ìjọba tó jáde lọ́dún 2006 ka aláìsàn 334, ó sì gbà pé ó kéré tán, 33 nínú wọn ni àìsàn náà pa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa dídènà àrùn ti gba àwọn ọ̀gá nímọ̀ràn pé kí wọ́n ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ iye wákàtí tí aláìsàn lè fi dúró ní ẹ̀ka pàjáwìrì, àti ọ̀rọ̀ owó, ló gba ọkàn àwọn ọ̀gá náà. Kò sí ìgò jẹ́ẹ̀lì tó lè tún irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ẹni tó wá kí bàbá, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì lo áńtíbáyọ́tíìkì, kò ní púpọ̀ láti bẹ̀rù. Kó má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kó má lo ilé ìgbẹ́ bàbá, kó fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ kó tó jáde. Aṣọ tó bá gbé lọ sílé fún fífọ̀, kó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi gbígbóná ìwọ̀n 60.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni àìsàn yìí tún máa ń padà sí lára. Tó bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ 12, fìdásómáísìn ni wọ́n máa ń lò, ó sì wọ́n gan-an. Fún àwọn tó ti padà sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń yọ́ ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní, wọ inú ìfun wọn kí àwọn onílé tòótọ́ lè padà síbẹ̀. Àwọn kan máa ń yínmú sí i, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tó jáde lọ́dún 2013, aláìsàn 13 nínú 16 ló rí ìwòsàn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tó jẹ́ 4 nínú 13 ni fáńkómáísìn nìkan wò sàn.

Nítorí náà, tí bàbá bá ti délé, tí dókítà àdúgbò sì fẹ́ kọ áńtíbáyọ́tíìkì fún ikọ́ tàbí ìtọ̀, kí ọmọ rẹ̀ sọ fún un, kó tó kọ ọ́, pé Sí-dífù ti mú bàbá rí, kó sì béèrè bóyá oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù ṣì pọn dandan.