Gbájúẹ̀ Tó Ní Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń fún ẹni tó ń wá ilé ní ìlú tó jìnnà ni pé kó má sanwó ilé tí kò tíì fojú rí. Ìmọ̀ràn náà ń ká gbájúẹ̀ kékeré lọ́wọ́ kò, ìyẹn ẹni tó jí fọ́tò ilé onílé lórí ayélujára, tó ní òkè òkun lòun wà, pé bí owó bá ti wọlé, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán wá àwòrán sábà máa ń tú àṣírí irú wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí kan náà ni gbájúẹ̀ kejì fi ń jẹun, nítorí òun ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n wá wo ilé.

Ohun tó ń ṣe kò le rárá. Ó máa ń lọ gba ilé tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ilé wọn gba arìnrìn-àjò fún ọjọ́ mélòó kan. Ó sanwó tirẹ̀ pé, kọ́kọ́rọ́ sì di tirẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ di Ọjọ́ Àìkú. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, á polówó ilé náà fún ọdún kan, á fi iye rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ti àdúgbò, á sì máa mú ènìyàn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé ènìyàn mẹ́jọ sanwó. Ìwé àdéhùn á tẹ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́wọ́, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n á sì jọ kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà kan náà. Arìnrìn-àjò tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n á bá nínú ilé.

Ọ̀nà jíjìn ló ń bá gbájúẹ̀ yìí ṣiṣẹ́. Ẹni tó wọkọ̀ wá láti ìlú mìíràn ní ọjọ́ kan péré láti fi wálé, kò sì fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Gbájúẹ̀ kò ní láti kán an lójú. Bí onítọ̀hún bá sì ti ṣí omi ẹ̀rọ, tó tan iná, tó wo yàrá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó rí kò ju pé ilé wà lọ. Kò tíì rí nǹkan kan tó fi hàn pé ẹni tó ṣílẹ̀kùn ní àṣẹ láti fi í yáni.

Inú ilé fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Àpótí kékeré tó ní nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí, táwẹ̀lì tí wọ́n ká jọ, ọṣẹ wẹ́wẹ́, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé àlejò kò gbọdọ̀ pariwo: àmì ilé tí arìnrìn-àjò ń gbà ni gbogbo wọn. Kí ènìyàn bi ẹni tó ṣílẹ̀kùn pé níbo ni mítà iná wà, nítorí ẹni tó gba ilé fún ọjọ́ mélòó kan lè má mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, kó ya fọ́tò ilẹ̀, aṣọ fèrèsé àti ilé ìdáná, kó sì wá ilé àdúgbò náà lórí àwọn ìkànnì tí arìnrìn-àjò ti ń gba ilé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí wọ́n bá fi déètì ọ̀sẹ̀ yẹn wá a, ilé náà kò ní jáde, nítorí gbájúẹ̀ ti gbà á fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Déètì oṣù kan sí i ni kí wọ́n fi wá a.

Káàdì ìdánimọ̀ tí gbájúẹ̀ bá fi ránṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó ti lù ní jìbìtì ṣáájú, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń tètè béèrè káàdì ẹni tó ń wálé. Bó bá ní ilé iṣẹ́ kan lòun ń ṣojú fún, nọ́ńbà tí ènìyàn fúnra rẹ̀ wá rí ni kó pè, kì í ṣe èyí tó wà lára káàdì rẹ̀. Kó tún wo orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Bí kì í bá ṣe ti onílé tàbí ti ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n ní ti àbúrò tàbí ti lọ́yà ni, kó dá owó dúró.

Èyí tó tún ṣòro jù ni ayálégbé tó ń yá ilé onílé jáde láìgbàṣẹ. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé owó iná, aládùúgbò sì mọ̀ ọ́n, nítorí ó ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́. Ìwé iná ń fi ẹni tó ń gbé ilé hàn, kò fi ẹni tó ni ín hàn. Níbi tí ìjọba bá ti gba aráàlú láyè láti yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀ wò, ibẹ̀ ni orúkọ onílé wà, owó tí wọ́n ń gbà fún un kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé. Níbi tí kò bá sí irú rẹ̀, kí aládùúgbò mìíràn, kì í ṣe ajẹ́ńtì, júwe onílé, kí wọ́n sì bá onílé sọ̀rọ̀ kí owó tó jáde. Bí owó bá ti lọ, báǹkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè ní wákàtí yẹn gan-an, nítorí gbájúẹ̀ kì í jẹ́ kí owó pẹ́ nínú àkáǹtì tó gbà á sí.