Bí búráà àti kẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú físíìsì kúáńtọ́ọ̀mù

Ní 1939 ni Paul Dirac gbé àmì yìí jáde. Ó gé àkámọ́ ⟨ | ⟩ sí méjì: apá òsì, ⟨φ|, ló ń jẹ́ búráà, apá ọ̀tún, |ψ⟩, ló ń jẹ́ kẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ẹ̀, orúkọ lásán ni, ó lè jẹ́ lẹ́tà, ó lè jẹ́ nọ́ńbà, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọfà.

Kẹ́ẹ̀tì ò ju fẹ́kítọ̀ lọ, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tò látòkè wá sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú sípíìnì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, torí èsì méjì péré ló máa ń fúnni tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n: òkè, tí a máa pè ní |0⟩, àti ìsàlẹ̀, |1⟩. Ká sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wà báyìí, i tó wà níbẹ̀ sì ni nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, −1 la máa rí:

```
|ψ⟩ = (3/5)|0⟩ + (4i/5)|1⟩
```

Láti rí búráà ẹ̀, a máa tẹ́ àwọn nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ní ìlà kan láti òsì lọ sí ọ̀tún, a tún máa yí àmì tó wà níwájú gbogbo i padà, nítorí náà 4i/5 á di −4i/5. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń ṣubú nìyí, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò ní rántí yí àmì padà.

Tí búráà bá wà lápá òsì tí kẹ́ẹ̀tì wà lápá ọ̀tún, tí ẹnu wọn kọjú síra, ínà pródọ́ọ̀tì nìyẹn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì máa ń bí. ⟨0|0⟩ jẹ́ 1, ⟨1|1⟩ náà jẹ́ 1, ⟨0|1⟩ jẹ́ 0. Torí ẹ̀ ni ⟨0|ψ⟩ ṣe jẹ́ 3/5: ó kàn yọ iye |0⟩ tó wà nínú |ψ⟩ jáde ni. Tí a bá wá fi ìwọ̀n nọ́ńbà yẹn sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, a rí 9/25, ìyẹn ni pé ìdá 36 nínú 100 ni àǹfààní pé òkè ló máa jáde, ìsàlẹ̀ á sì gba ìdá 64 tó kù.

Ẹ wo bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé òun ti gbàgbé láti yí àmì padà. ⟨ψ|ψ⟩ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, torí gbogbo àǹfààní pa pọ̀ gbọ́dọ̀ pé. Tí a bá yí àmì padà bó ṣe yẹ, 9/25 + 16/25 ni, ó pé. Tí a ò bá yí i, 9/25 − 16/25 la máa rí, ìyẹn −7/25, kò sì sí àǹfààní kankan tó lè kéré ju òdo lọ.

Tí wọ́n bá wá kẹ̀yìn síra, kẹ́ẹ̀tì lápá òsì, búráà lápá ọ̀tún, áútà pródọ́ọ̀tì ló dà yẹn. Kì í ṣe nọ́ńbà mọ́, mátíríìsì ni, ó ń dúró de kẹ́ẹ̀tì tó máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ fún |0⟩⟨1| ní |1⟩, á dá |0⟩ padà, torí ⟨1|1⟩ jẹ́ 1. Ẹ fún un ní |0⟩, òdo ló máa dá padà. Kíkà á láti ọ̀tún lọ sí òsì ló rọrùn jù, lójú tèmi.

Ibi tí àmì yìí ti wá ń dùn gan-an nìyí: |0⟩⟨0| yọ apá òkè, |1⟩⟨1| yọ apá ìsàlẹ̀, tí a bá pa méjèèjì pọ̀ kò sóhun tó sọnù, |0⟩⟨0| + |1⟩⟨1| = I, I yìí sì ni mátíríìsì tí kì í yí nǹkan kan padà, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ nǹkan di ìlọ́po 1. Torí náà, ibi tó bá wuni la lè kì í bọ̀. Ká ní a fẹ́ wọn sípíìnì yẹn ní ìbú dípò òró, kẹ́ẹ̀tì tuntun la máa lò:

```
|+⟩ = (|0⟩ + |1⟩)/√2
|−⟩ = (|0⟩ − |1⟩)/√2
|+⟩⟨+| + |−⟩⟨−| = I
|ψ⟩ = |+⟩⟨+|ψ⟩ + |−⟩⟨−|ψ⟩
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, I nìkan la kì bọ iwájú |ψ⟩, gbogbo iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. ⟨+|ψ⟩ jẹ́ (3 + 4i)/(5√2), ⟨−|ψ⟩ jẹ́ (3 − 4i)/(5√2), ìwọ̀n ìkọ̀ọ̀kan tí a bá fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ jẹ́ 25/50, ìdajì-ìdajì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà tó fún wa ní 36 àti 64 lóòró ló ń fún wa ní 50 àti 50 níbùú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ́ẹ̀tì méjì èyíkéyìí ló máa ń bí I o. Gígùn ìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, ínà pródọ́ọ̀tì láàárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pé iye. Ẹni tó bá kó |0⟩ àti |+⟩ pọ̀, ⟨0|+⟩ jẹ́ 1/√2, nítorí náà:

```
|0⟩⟨0| + |+⟩⟨+| = [ 3/2  1/2 ]
                  [ 1/2  1/2 ]
```

Ìyẹn kì í ṣe I, ohunkóhun tí èèyàn bá sì kì í bọ̀ máa bàjẹ́.

Fún ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà, tí ibi tó lè wà kò lóǹkà, ìṣirò kan náà ni, àròpọ̀ yẹn á kàn di ∫|x⟩⟨x|dx = I, ψ(x) tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé físíìsì kò sì ju ⟨x|ψ⟩ lọ.