Àmì tó wà ní igun fídíò: ká gé e ni, àbí ká bò ó?

Àmì áàpù wà ní igun ìsàlẹ̀ fídíò ìsọmọlórúkọ wa, lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn kan ní kí n gé e, àwọn kan ní kí n sọ ibẹ̀ di bàìbàì. Èwo ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ náà ṣì wà nínú áàpù tí ẹ fi ṣe é, kí ẹ gbé e jáde láìsí àmì. Bí kò bá sí mọ́, ẹ wo ohun tó wà létí ibi tí àmì wà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tàbí ògiri lásán, ẹ gé e. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù, ẹ bò ó.

Tí mo bá gé e, ṣé fídíò náà kò ní kéré jù?

Etí tí ẹ bá gé ló máa pinnu rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Ká sọ pé fídíò fóònù olóòró ni, 1080 píksẹ́lì ní ìbú, 1920 ní gíga. Àmì náà fẹ̀ tó 240, ó ga tó 70, ó sì fi 30 jìnnà sí etí ọ̀tún àti sí ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá gé e láti ọ̀tún, 270 ni yóò lọ nínú ìbú. Kí ìrísí fídíò má baà yí padà, ẹ ní láti dín gíga náà kù pẹ̀lú. Ohun tó kù yóò jẹ́ 810 sí 1440, ìyẹn ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán náà. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀, 100 péré ni àmì gbà; bí ẹ bá gé 128 níbẹ̀ kí ìrísí lè bára mu gẹ́lẹ́, ẹ ó ní 1008 sí 1792, ìdá 87 sì ni yóò kù. Ìdí ni pé àmì máa ń fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ.

Àǹfààní kejì wà níbẹ̀. Nígbà tí gígé ìsàlẹ̀ ti mú àmì kúrò pátápátá, ẹ lè gé 72 tó yẹ kó kúrò nínú ìbú láti ẹ̀gbẹ́ tó bá wù yín. Bí ìyá ọmọ bá wà lápá ọ̀tún, apá òsì ni kí ẹ ti gé gbogbo rẹ̀. Nínú àṣẹ `ffmpeg` yìí, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàtúnṣe fídíò, mo pín in sí méjì, 36 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan:

```
ffmpeg -i fidio.mp4 -vf "crop=1008:1792:36:0" -crf 18 -c:a copy tuntun.mp4
```

Ṣé kí n wá nà án padà sí 1080 sí 1920?

Rárá, àfi bí ibi tí ẹ ń gbé e lọ bá béèrè ìwọ̀n yẹn gan-an, nítorí nínà kì í dá ohun tí a gé padà.

Mo sọ àmì náà di bàìbàì, síbẹ̀ àbààwọ́n funfun ṣì wà níbẹ̀. Kí ló fà á?

Sísọ di bàìbàì máa ń po àwọn àwọ̀ inú àpótí tí ẹ fi yí àmì ká pọ̀ ni, àwọ̀ àmì sì wà lára ohun tó ń pò. Àmì funfun lórí ilẹ̀ dúdú yóò di àwọ̀ eérú. Irinṣẹ́ `delogo` kì í wo inú àpótí rárá: àwọn píksẹ́lì tó yí i ká ló fi ń kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpótí kò fi gbọdọ̀ kan etí àwòrán.

```
ffmpeg -i fidio.mp4 -vf "delogo=x=802:y=1812:w=256:h=86" -crf 18 -c:a copy tuntun.mp4
```

Mo fi píksẹ́lì 8 kún àmì náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí pé nígbà tí wọ́n fún fídíò pọ̀, etí àmì náà ti ràn díẹ̀ mọ́ ohun tó yí i ká. Bí àpótí bá há jù, òjìji àmì yóò ṣì hàn, irinṣẹ́ náà yóò sì fa àwọ̀ rẹ̀ wọ inú.

Ṣé ẹni tó ń wò ó máa mọ̀?

Lórí ògiri tàbí ojú ọ̀run, bóyá ni. Lórí táìlì onílà tàbí etí aṣọ òkè tó ń mì, yóò mọ̀: ìlà náà yóò já níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá yóò yọ́ kó tó tún yọ. Ẹ má fi àwòrán kan tó dúró dán an wò. Ẹ jẹ́ kí fídíò ṣeré, kí ẹ tẹjú mọ́ igun náà nígbà tí nǹkan bá ń kọjá.

Èwo nínú méjèèjì ni kò ní ba fídíò tó kù jẹ́?

Kò sí. Méjèèjì ló ń mú kí kọ̀ǹpútà tún gbogbo fídíò fún pọ̀, ó sì máa ń sọ díẹ̀ nù. `-crf 18` máa ń jẹ́ kí àdánù náà kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì yóò tóbi sí i. Ohun tó léwu ni kí ẹ gé e lónìí, kí ẹ tún fi èyí tí ẹ gé ṣe òmíràn lọ́la. Ojúlówó fáìlì ni kí ẹ máa padà sí nígbà gbogbo, kì í ṣe èyí tó ti gba Wáàsáàpù kọjá.

Ti Tíkítọ́ọ̀kì ńkọ́?

Àmì tirẹ̀ máa ń sún láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà àpótí kan ṣoṣo kò lè bò ó.

Ṣé mo lè ṣe é fún fídíò ẹlòmíràn?

Ẹ gbàṣẹ kọ́kọ́. Àmì igun sábà máa ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ sì gbé e síta bíi tiyín, onífídíò lè mú ẹjọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ibi tí ẹ gbé e sí, kí wọ́n yọ ọ́ tàbí kí wọ́n ti ojú ìwé yín pa. Bó bá jẹ́ pé àmì náà ló ń dí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn lọ́wọ́, ẹ béèrè fáìlì tí kò ní àmì lọ́wọ́ onífídíò.