Ọlọ Kan Náà, Ọ̀rọ̀ Mìíràn

Ìlà mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ kọ, fún ìdílé kan ní Ìlọrin níbi tí ìyá wọn ti ṣaláìsí. Iṣẹ́ mi nìyẹn: mo ń kọ ewì fún ìsìnkú, ìkómọ àti ìwúyè. Bí ìlà náà ṣe lọ nìyí:

Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀,
Ata ń kúnná, ọlọ ń jìn;
Ìyá ò wí, ọlọ ò fọ̀,
Ọbẹ̀ délẹ̀, a jẹ, a lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan pè mí láti Òmù-Àrán. Ó ti rí káàdì náà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìyá tirẹ̀ náà ti lọ, alákàrà sì ni ìyá náà, ẹ̀wà ni wọ́n fi ọlọ lọ̀ kí ẹ̀rọ tó dé àdúgbò wọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ míì sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo gba ewì ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orin rẹ̀ bàjẹ́.” Ó ní òun ti gbìyànjú fúnra òun, ó sì kà á fún mi lórí fóònù:

Apá ìyá ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn,
Ẹ̀wà ti di lílọ̀, òkúta ti jinlẹ̀;
Màmá kò sọ̀rọ̀, òkúta náà kò dáhùn,
Nígbà tí àkàrà délẹ̀, gbogbo wa jẹ, a sì bá tiwa lọ.

Kò sí irọ́ nínú ohun tó kọ. Gbogbo ìtumọ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewì ti kúrò níbẹ̀, ó sì tó ká wo ibi tó gbà lọ, torí ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìlù. Ẹ fi ìka gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan nínú ìlà mi àkọ́kọ́: ọ-wọ́-ń-lọ, ọ-wọ́-ń-bọ̀. Mẹ́rin, ẹ sinmi, mẹ́rin. Ẹ má fo “ń” yẹn, sílébù tó dá dúró ni, ó ní ohùn tirẹ̀. Mẹ́rin-mẹ́rin yìí ni gbogbo ìlà ń rìn, àfi “ata ń kúnná” tó jẹ́ márùn-ún, ẹsẹ̀ kan tó gùn díẹ̀ nínú ìrìn tó dọ́gba. Ìlà àkọ́kọ́ tirẹ̀ jẹ́ 15, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 18. Ọlọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rìn. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ sídìí ọlọ rí mọ̀ pé bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀, ìwọ̀n kan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ ló gbé e gùn: nígbà tí, náà, sì, ti. Wọ́n dára nínú lẹ́tà. Nínú ewì, sinmi tó wà láàárín ìlà ló ń ṣe iṣẹ́ wọn. “Ọbẹ̀ délẹ̀, a jẹ” ti sọ “nígbà tí” láì sọ ọ́.

Ìkejì ni ohùn, òun gan-an ló sì ṣòro. Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ tó dún bákan náà lẹ́yìn ìlà ṣe ewì bí àwọn kan ṣe ń ṣe tiwọn. Ohùn tó kọjú síra la fi ń ṣe é. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó parí ààbọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tèmi. “Kúnná” parí sí mí, “jìn” parí sí dò. “Wí” jẹ́ mí, “fọ̀” jẹ́ dò. Ìtumọ̀ kan náà ni wí àti fọ̀ ní, ohùn wọn ni mo fi yàn wọ́n. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Ẹ wá wo tirẹ̀: lílọ̀, jinlẹ̀, sọ̀rọ̀, dáhùn, gbogbo wọn ló parí sí dò. Etí ń sọ̀kalẹ̀, kò rí ibi tó máa gùn padà.

Ìkẹta ni àwòrán. Ó yọ ọlọ, ó fi òkúta sí i. Òkúta wà lójú ọ̀nà, ó wà nídìí ògiri. Ọlọ nìkan ló ń lọ nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ sì ń jìn. Àwòrán tó wà láàárín ewì náà kì í ṣe ata, kì í ṣe ẹ̀wà, kì í tilẹ̀ ṣe ìyá. Nǹkan méjì tó ń fara kan ara ni, tí ọ̀kan ń di jíjẹ, tí ìkejì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ láì pariwo. (Àwa ará Ìlọrin kò lè ṣi èyí mọ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nípa orúkọ ìlú wa ni pé òkúta kan ló wà tí wọ́n ti ń lọ irin, ìlọ irin.) Nítorí náà, kí n tó pààrọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, mo kọ ọ́ sórí ìwé: ọlọ kò gbọdọ̀ kúrò, jíjìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò. Ìyókù, ó ṣeé ṣí nídìí.

Ìlà kìíní. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú “Ó ń tì í, ó ń fà á.” Ó bá iṣẹ́ náà mu, títì àti fífà ni lílọ̀ jẹ́. Sílébù rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹ kùn ún láì sọ ọ̀rọ̀: mí mí dò mí, mí mí dò mí. Ẹ̀ẹ̀mejì, ohun kan náà. Mo ní kí n fi orúkọ rọ́pò, “ó ń ti ọmọ ọlọ,” dò inú rẹ̀ bá pòórá. Ohun tó ń kó bá àwọn tó ń tún ewì sọ nìyẹn láì fura: ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di àárín bí orúkọ bá tẹ̀ lé e. À ń sọ pé “ó lọ̀ ọ́,” ṣùgbọ́n “ó lọ ẹ̀wà.” Ẹni tó bá yọ “ẹ̀wà” tó fi “ọ́” sí i rò pé òun dín ọ̀rọ̀ kù ni, kò mọ̀ pé òun ti yí ohùn padà.

Mo wá padà sí apá, tí òun fúnra rẹ̀ mú wá. “Apá ń nà, apá ń ká.” Nínà jẹ́ dò, kíká jẹ́ mí. Wọ́n kọjú síra. Àmọ́ ìlà tèmi àtijọ́ ń wálẹ̀ ní ìparí, lọ sí bọ̀, bí ẹni gbé ẹrù sọ. Èyí ń gòkè, bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Mo yí i: “Apá ń ká, apá ń nà.” Ó wálẹ̀. Ìtumọ̀ kò yí padà, torí pé nínú lílọ̀ kò sẹ́ni tó mọ èwo ló ṣáájú.

Ìlà kejì ò gbà kí n yí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń jẹ gbọ́dọ̀ ṣáájú, ohun tó ná wa gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Mo kọ “Ẹ̀wà domi, ọlọ di kòtò,” ó sì dùn mọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé káàdì ìsìnkú ni. Bí a bá pe kòtò létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, ọlọ kọ́ ni yóò rí. Jíjìn náà ní sàréè nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo fi “jìn” sílẹ̀ bó ṣe wà, mo wá ọ̀rọ̀ olóhùn òkè tí yóò kò ó lójú: “Ẹ̀wà ń fọ́, ọlọ ń jìn.” Ẹ̀wà máa ń fọ́ lórí ọlọ lóòótọ́ kó tó kúnná. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pa ààbọ̀ ìlà kan mọ́ bó ṣe wà. Mo sọ fún un, ó ní kò burú.

Ìlà kẹta ni mo fẹ́ fi ṣubú. “Ìyá dákẹ́, ọlọ ń kùn.” Mí sí dò, mẹ́rin-mẹ́rin, ọlọ sì máa ń kùn lóòótọ́, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju tèmi àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ewì àkọ́kọ́, méjèèjì ló dákẹ́. Bí ọlọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ti ń bá ìyá ráhùn, ewì mìíràn nìyẹn. Mo kọ ọ́ pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn. Èyí tí mo lò ni “Ìyá ò ké, ọlọ ò kọ̀.” Ẹ fi ohùn rẹ̀ wé ti àtijọ́, “Ìyá ò wí, ọlọ ò fọ̀”: dò mí dò mí, re re dò dò. Kò yàtọ̀ rárá. Onígángan tó bá lu ìkíní ti lu ìkejì.

Ìlà ìkẹyìn kì í kọjú síra. “A jẹ, a lọ” jẹ́ re re re re, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tó ti jẹun tán tí kò wẹ̀yìn. Kí n tó fi nǹkan rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn àárín ni mo ní láti wá, wọn ò sì pọ̀ bí a ṣe rò. Mú kò ṣe é, rà kò ṣe é, yó kò ṣe é. San ṣe é, ó sì bá alákàrà mu ju jẹ lọ, torí oníbàárà ń san owó àkàrà ni:

Apá ń ká, apá ń nà,
Ẹ̀wà ń fọ́, ọlọ ń jìn;
Ìyá ò ké, ọlọ ò kọ̀,
Àkàrà yọ, a san, a lọ.

Mo dá “lọ” sí ní ìparí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú ti àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló kù, ṣùgbọ́n “lọ ẹ̀wà” ń sùn nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ pàdánù ìyẹn.

Obìnrin náà gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn kankan: “Iya o ke.” Ọmọ ọmọ kan mú un, ó kà á sókè níwájú ẹbí pé Ìyá ó ké. Gbogbo iṣẹ́ wa lórí ìlà yẹn wà lórí àmì kékeré kan lórí “ò,” òun ló mú “kò” dúró. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, owó ti lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà obìnrin náà àti àbúrò rẹ̀ jókòó pẹ̀lú bírò, wọ́n ń fi àmì sí “o” náà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí láti bi mí bóyá kí wọ́n fi sí ìyókù náà. Mo ní kí wọ́n fi sí “kọ” ti ẹ̀gbẹ́ ọlọ, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí kíkọ́ ilé, kí wọ́n sì lọ sùn.